Ibi tí fíìmù aláró rẹ ti ń fà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ti gé fíìmù mi lórí àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta nígbà àkọ́kọ́, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí yín. Ìṣẹ́jú 31 ni, bẹ́ẹ̀ 20 ni wọ́n fún wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó ń fà láàárín. Mo ti gé gbogbo àwòrán rẹ̀ kúrú sí i, síbẹ̀ ó ṣì ń fà. Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni kí n ṣe sí ìrìn rẹ̀?

Ìdáhùn: Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ohùn, lẹ́ẹ̀kan láìsí ohùn. Gbogbo ìgbà tí ọkàn mi bá ti kúrò lára rẹ̀ ni mo ń kọ aago sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ dé ìṣẹ́jú 17, ẹni mẹ́rin ló sọ̀rọ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ: pé aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti ilẹ̀ Ṣáínà ń ba ọjà àdìrẹ jẹ́. Ìyá àkọ́kọ́ sọ ọ́ tán pátápátá. Ó gbé aṣọ méjì sókè, ó yí ẹ̀yìn wọn sí kámẹ́rà, a sì rí i pé ẹ̀yìn èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ funfun, nígbà tí aró ti wọ tọwọ́ já sí òdì kejì. Àwọn mẹ́ta tó kù kò fi nǹkan kan kún un. O ti gé ọ̀rọ̀ wọn wẹ́wẹ́, kò sí àwòrán tó ju ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú nìkan ló ń sáré, etí ti dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tí gígé kúrú kò fi ràn ọ́ lọ́wọ́. Fi ìyá àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ó sọ tirẹ̀ dé òpin, kí o sì yọ àwọn mẹ́ta yẹn kúrò. Mo mọ̀ pé yóò dùn ọ́, torí o jókòó tì wọ́n, wọ́n sì gbà ọ́ lálejò dáadáa. Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o kọ orúkọ wọn sí ìparí fíìmù. Ìṣẹ́jú 6 ti kúrò nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń fà kọ́ ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 18 ni ọmọbìnrin Ìyá Aláró dé láti Èkó, tí ìyá rẹ̀ bi í pé ta ni yóò máa tọ́jú ìkòkò aró bí òun ò bá sí mọ́. Ọmọ náà wolẹ̀. Ibẹ̀ ni fíìmù rẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, o sì jẹ́ kí a jókòó ìṣẹ́jú 18 láìmọ ohun tí a ń retí. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń retí máa ń ní sùúrù. Yóò wo bí wọ́n ṣe ń gún ewé ẹ̀lú, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú, torí ó ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí ó lè parẹ́ ní ilé yìí ni òun ń wò. Gbé ìbéèrè yẹn wá sí ìṣẹ́jú 2. Má ṣe gbé ìdáhùn ọmọ náà wá. Jẹ́ kí ó wolẹ̀, kí o sì gé e síbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ yóò wá dúró sí ibi tí ó wà báyìí, ní apá ìparí.

Kí àyè lè wà fún un, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ dín kù. Ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 10 ni o fi han ojú ọ̀nà, ọjà, àti Àpáta Olúmọ láti òkè kí a tó rí ènìyàn kan. Ìgbà márùn-ún ni àpáta yẹn tún padà wá nínú fíìmù. Ẹ̀ẹ̀kan tó.

Ó wá ku ibi kan tí mo fẹ́ kí o mú gùn sí i. Ní ìṣẹ́jú 12 àti àáyá 50, Ìyá Aláró fa aṣọ jáde nínú ìkòkò. Nígbà tí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe kàn án ni yóò máa di búlúù lójú wa, láti etí rẹ̀ wọ àárín; ìyípadà náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àáyá 3 péré ni o fi han, o sáré lọ sí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìgbà tí o sì padà dé, aṣọ ti di búlúù tán. O ju ohun tó dára jù lọ nínú fíìmù rẹ nù. Lọ wo àwòrán tí o yà níbi kan náà, bí o bá jẹ́ kí kámẹ́rà máa ṣiṣẹ́ lọ, fi 40 tàbí 50 ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀ láìgé rárá. Kò ní fà, torí nǹkan ń yí padà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Yọ orin kúrò lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Orin rẹ kò sinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn náà wà lára ohun tó mú kí gbogbo ibi rí bákan náà létí. Jẹ́ kí a gbọ́ omi tí ń kán padà sínú ìkòkò.

Má sì fi ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sórí àwòrán yẹn. O kọ ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, ojú wọn yóò sì wà níbi tí wọ́n ti ń kàwé nígbà tí aṣọ ń yí àwọ̀ lókè. Ní àwọn ibòmíràn, ìlà méjì ìtumọ̀ rẹ máa ń parẹ́ lẹ́yìn àáyá 2. Fún un ní 5 tàbí 6.

Nígbà tí o bá gé e tán, wá ẹni mẹ́ta tí kò mọ nǹkan kan nípa aró. Jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ojú wọn ni kí o máa wò, kì í ṣe fíìmù. Kọ aago sílẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá fọwọ́ kan fóònù tàbí tó bá yí ìdí padà lórí àga. Má bi wọ́n bóyá ó ń fà, torí wọn yóò fẹ́ tù ọ́ lójú. Ní kí wọ́n sọ ìtàn náà fún ọ. Bí méjì nínú wọn bá fọwọ́ kan fóònù níbi kan náà, padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ibẹ̀ ni o ti máa ń rí ohun tí o sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Tí o bá ń fi ránṣẹ́ padà, jẹ́ kí aago máa sáré ní igun àwòrán kí n lè tọ́ka sí ibi tí mo ń sọ. Kí o sì bá mi fi ibi tí Ìyá dákẹ́ lẹ́yìn tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.