Bí olùyẹ̀wò méjì bá ń fa iṣẹ́ rẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aláàbàtà níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fi èèpo gbágùúdá rọ́pò díẹ̀ nínú àgbàdo oúnjẹ bùrọ́ílà, mo sì fi àbọ̀ iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí jọ́nà kan. Olùyẹ̀wò kìíní ní kí n fi ìpíndọ́gba yàrá ṣe ìṣirò ìwọ̀n adìyẹ, èkejì ní kí n lo ìwọ̀n adìyẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tún un ṣe. Bí mo bá ṣe ti ọ̀kan, èkejì á fajú ro. Ọjọ́ 21 ni wọ́n tún fún mi báyìí. Kí ni kí n ṣe?*

Àbúrò mi, má tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Lẹ́tà ni kí o kọ́kọ́ kọ, olóòtú tó ń mójú tó iṣẹ́ rẹ ni kí o sì kọ ọ́ sí. Àwọn olùyẹ̀wò ń gba olóòtú nímọ̀ràn ni, òun ló ń dájọ́. Láti ìgbà àkọ́kọ́ ni o ti ń dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ, ẹni tó sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni o ń dá a láre. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi ń yí po lójú kan.

Ṣùgbọ́n kí o tó kọ lẹ́tà, ó yẹ kí o mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí gan-an, nítorí olóòtú máa fẹ́ mọ ibi tí ìwọ fúnra rẹ dúró sí. Mo ka táblì tí o fi ránṣẹ́. Oríṣi oúnjẹ mẹ́rin ni, A dé D. Yàrá márùn-ún ló ń jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, adìyẹ 10 sì wà nínú yàrá kan. Adìyẹ 200 lo fi bẹ̀rẹ̀, méje kú, o wá wọn 193 ní ọjọ́ 42.

Ronú sí àwọn aláró Ìtòkú. Bí ìyá kan bá fẹ́ mọ èyí tó mú aṣọ dúdú jù nínú oríṣi aró méjì, tó po aró kìíní sínú ìkòkò kan, tó po èkejì sínú ìkòkò mìíràn, tó wá ri aṣọ 50 bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rí mélòó ló ní? Kì í ṣe 100. Bí ìkòkò kan bá kàn jiná ju èkejì lọ, gbogbo aṣọ 50 inú rẹ̀ ló máa jọ dúdú, kò sì ní mọ̀ bóyá aró ni tàbí ìkòkò. Tó bá fẹ́ mọ̀ dájú, ìkòkò ló yẹ kó pọ̀ sí i.

Yàrá adìyẹ rẹ ni ìkòkò yẹn. Ọpọ́n kan ni adìyẹ 10 ti ń jẹun, omi kan náà ni wọ́n ń mu, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá sì gba ògiri kọ̀ọ̀rọ̀ kan wọlé, gbogbo wọn ni ooru jọ ń mú. Yàrá lo pín oúnjẹ fún, kì í ṣe adìyẹ. Nítorí náà, yàrá ni ẹyọ ìdánwò rẹ, olùyẹ̀wò kìíní ló sì tọ̀nà lórí èyí. Tí o bá ka adìyẹ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó dá dúró, kọ̀ǹpútà máa rò pé ẹ̀rí 189 ló wà lẹ́yìn ìdánwò náà (193, yọ oúnjẹ mẹ́rin kúrò). Òótọ́ ibẹ̀ ni 16: yàrá 20, yọ oúnjẹ mẹ́rin kúrò. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lè sọ pé oúnjẹ kan dára ju èkejì lọ nígbà tó jẹ́ pé yàrá ló yàtọ̀ síra.

Síbẹ̀, olùyẹ̀wò kejì kò sọ̀rọ̀ òfìfo. Nígbà tó ní kí o lo adìyẹ kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń dùn ún ni pé o wọn 193, o sì fi nọ́ńbà 20 péré han òǹkàwé. Bóyá àwọn adìyẹ inú yàrá kan jọra tàbí àwọn kan sanra tí àwọn kan rù, kò sẹ́ni tó lè rí i mọ́. Ohun tó ń béèrè kọ́ ni kí o dáhùn sí, ohun tó mú un béèrè ni. Kálukú wọn ti rí àlébù tòótọ́ kan, àtúnṣe tí wọ́n dá lábàá nìkan ló ń kọlu ara wọn.

Ọ̀nà kan wà tó gba ẹ̀dùn méjèèjì wọlé. Fi ìwọ̀n gbogbo adìyẹ 193 sínú ìṣirò, kí o sì jẹ́ kí ìṣirò náà mọ yàrá tí adìyẹ kọ̀ọ̀kan ti wá. Nínú R, bó ṣe rí nìyí:

```r
library(lmerTest)
m <- lmer(iwuwo ~ ounje + (1 | yara), data = d)
anova(m)
summary(m)
```

`1 | yara` tó wà nínú àkámọ́ yẹn ló ń sọ pé àwọn adìyẹ yàrá kan náà jọ ń pín nǹkan. Lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́, wo ibi méjì. Nínú `anova`, wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ `DenDF`, iye ẹ̀rí tí kọ̀ǹpútà kà nìyẹn. Ó yẹ kó wà nítòsí 16. Nínú `summary`, wá ìlà tó sọ pé `groups: yara, 20`. Tó bá jẹ́ 5 lo rí níbẹ̀, a jẹ́ pé o fún àwọn yàrá ní nọ́ńbà 1 sí 5 lábẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà sì ti gbà pé yàrá 1 ti oúnjẹ A àti yàrá 1 ti oúnjẹ B jẹ́ yàrá kan náà. Mo ti rí àṣìṣe yìí lọ́wọ́ àwọn tó mọṣẹ́ dunjú. Tún nọ́ńbà wọn kọ láti 1 dé 20, kí o sì tún un ṣe.

Ó tún lè gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde: `boundary (singular) fit`. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín yàrá kọjá èyí tó wà láàárín adìyẹ. Nígbà náà, `DenDF` lè fò sókè sí 189, á sì dà bíi pé olùyẹ̀wò kejì ló borí. Má gbà á bẹ́ẹ̀. Yàrá 20 kò lè sọ púpọ̀ nípa ìyàtọ̀ àárín yàrá, bí kò sì ṣe rí i kò ní kó má sí. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá jáde, padà sí ìpíndọ́gba yàrá fún ìdánwò náà, kí o wá fi àwòrán tó ní ààmì kan fún adìyẹ kọ̀ọ̀kan hàn, kí ohun tí olùyẹ̀wò kejì fẹ́ rí lè wà lójú ìwé. Ní ti oúnjẹ tí wọ́n jẹ, kò sí àríyànjiyàn: ọpọ́n lo wọ̀n, yàrá nìkan ló ní nọ́ńbà, ibẹ̀ ló sì máa dúró sí.

Wàyí o, lẹ́tà. Jẹ́ kó kúrú. Èyí tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ, ní èdè tí jọ́nà náà ń lò:

*Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùyẹ̀wò. Àbá kẹrin olùyẹ̀wò kìíní ní kí n fi yàrá ṣe ẹyọ ìdánwò, àbá kejì olùyẹ̀wò kejì ní kí n fi adìyẹ kọ̀ọ̀kan ṣe é. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, n kò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Mo fẹ́ fi yàrá ṣe ẹyọ ìdánwò, nítorí yàrá ni mo pín oúnjẹ fún. N ó fi ìwọ̀n adìyẹ 193 sínú ìṣirò tó mọ yàrá tí wọ́n ti wá. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi fọwọ́ sí i kí n tó tún iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i bí ọjọ́ 21 kò bá tó.*

Wò ó pé o kò béèrè pé "Èwo ni kí n ṣe?" Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni olóòtú tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn máa ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbá lo gbé wá, ó kù kó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi náà ti jókòó sórí àga olóòtú, mo sì mọ bó ṣe máa ń rọrùn tó láti dá irú èyí lóhùn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí o kò gbọ́ nǹkan, fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí olóòtú àgbà.

Nígbà tí o bá wá ń kọ ìwé ìdáhùn, má fi olùyẹ̀wò kan pa mọ́ fún èkejì. Kì í ṣe gbogbo jọ́nà ló ń jẹ́ kí àwọn olùyẹ̀wò rí ọ̀rọ̀ ara wọn, ó sì ṣeé ṣe kí olùyẹ̀wò kejì rò pé agídí lo ń ṣe, kò mọ̀ pé ẹnìkan ní kí o ṣe òdìkejì. Kọ àbá rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe kọ ọ́, kọ àbá tó takò ó sábẹ́ rẹ̀, sọ pé olóòtú ti fọwọ́ sí ọ̀nà tí o gbà, kí o wá tọ́ka sí ojú ìwé àti ìlà tí àtúnṣe náà wà. Ìdáhùn kan náà ni kí o kọ sábẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì.

Ohun mìíràn wà tí àtúnṣe léraléra máa ń fà, ó sì ti wà nínú tìrẹ. Ní ojú ìwé 7 o kọ ọ́ pé yàrá ni ẹyọ ìdánwò. Lábẹ́ táblì 3, `n = 50` ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn iye adìyẹ tí o fi bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ oúnjẹ kan. Ìyókù àtúnṣe kejì ni, ìgbà tí o ṣe ti olùyẹ̀wò kejì. Olùyẹ̀wò tó bá rí ìyẹn máa rò pé o kò mọ ohun tí o ṣe. Jọ́nà kan dá iṣẹ́ tèmi náà padà pé àwọn kò gbà á nígbà kan lẹ́yìn àtúnṣe kẹta nítorí irú ìyókù bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí gan-an, nítorí ìṣirò náà tọ̀nà, gbólóhùn méjì ló kàn ń tako ara wọn. Tẹ iṣẹ́ náà sórí bébà, mú bírò pupa, kí o sì fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí o ti dárúkọ yàrá, adìyẹ tàbí n, títí kan àkọsókè àti abẹ́ àwòrán.

Bí olóòtú bá dáhùn pé àfi kí o ka adìyẹ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó dá dúró, má ṣe é. Orúkọ rẹ ló máa wà lórí ìṣirò náà, kì í ṣe tiwọn. Kọ̀wé pé o fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ padà, sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí o sì dúró títí wọn yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ pé àwọn ti yọ ọ́ kúrò. Ìgbà tí ìwé yẹn bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni kí o tó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà mìíràn.