Ìkéde lórí owó àwọn tó ń kó ọjà wá

"Ẹ jọ̀ọ́, mo kọ ìkéde fún òṣìṣẹ́ wa l'Ákùúrẹ́: 'Kò sí ìsanwó láìsí ìbáramu ẹlẹ́ka-mẹ́ta àti ìfọwọ́sí onípele.' Kò yé wọn. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kò lè yé wọn lóòótọ́. Ní ti "ìbáramu ẹlẹ́ka-mẹ́ta", ẹ dárúkọ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbọ́dọ̀ bára mu kí owó tó jáde: èyí tí a fi ní kí wọ́n kó ọjà wá, èyí tí onísítọ̀ fi jẹ́rìí pé ọjà dé, àti èyí tí ọlọ́jà fi béèrè owó. Kẹ́ ẹ wá fi àpẹẹrẹ tì í: "A ní kí wọ́n kó sìmẹ́ǹtì 100 àpò wá, 90 ló dé, owó 100 àpò ni wọ́n kọ. Owó ò ní jáde títí wọ́n á fi kó 10 tó kù wá, tàbí kí wọ́n tún ìwé owó kọ sí 90."

Ní ti "onípele", ẹ sọ ẹni tó ń fọwọ́ sí i ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé: onísítọ̀, ọ̀gá ẹ̀ka tó béèrè ọjà, lẹ́yìn náà akáńtáǹtì. Ẹ má sì jẹ́ kí ìrọ̀rùn gbé èyí lọ o: ẹni tó ra ọjà kọ́ ló máa fọwọ́ sí i pé ọjà dé. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń sọnù. Kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ fún onísítọ̀ kà, bó bá béèrè pé "èmi ńkọ́?", ìkéde náà ò tíì yéni tó, ẹ tún un kọ.