Èsì: Orin fún àìsùn ìyá àgbà

"Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣe àìsùn ìyá wa àgbà tó kú lẹ́ni ọdún 86. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ nínú ẹbí. Irú orin wo ni kí n ní kí akọrin kọ?"

Ẹ kú àrafẹ́rakù o. Ẹni 86 tó fi ọmọ sílẹ̀, ijó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi ijó bẹ̀rẹ̀. Orin jẹ́jẹ́ ni kí wọ́n fi ṣí i, ẹsẹ méjì péré, kí adarí máa pe ìlà kọ̀ọ̀kan síwájú. Àwọn àgbà kì í fẹ́ ka ìwé lálẹ́, àwọn ọmọdé ò sì mọ orin yẹn.

Ohùn ni kí ẹ ṣọ́ jù. Níbi àìsùn bàbá mi, akọrin gbé orin ga jù. Kò pẹ́ tí gbogbo ìyá fi dákẹ́, dùùrù nìkan ló ń lọ. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀ ni wọ́n tó gbà á padà. Torí náà, ẹ pe ìyá àgbà kan ṣáájú ọjọ́ náà, kó dá ègbè kọ. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá fìdí lé ni kí akọrin ti mú un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí orin lílé àti ègbè. Kí ègbè má ju ìlà kan lọ, kó jẹ́ Ọlọ́run nìkan ló ń dárúkọ, kí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì lè jọ gbè é. Kí àwọn ọmọ-ọmọ kọ tiwọn kí oorun tó kùn wọ́n, nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án. Jùjú tàbí fújì lè wá tẹ̀ lé e.

Ẹ bi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè orin tí màmá máa ń kọ nídìí iṣẹ́ ilé. Bí ẹnì kan bá bú sẹ́kún níbẹ̀, kí onílù rọra rẹ ìlù sílẹ̀, kí wọ́n má pa orin náà dà.