Fọ́tò ìgbẹ́ ọmọ tí mo yà lálẹ́

Ìbéèrè: Ìgbẹ́ ọmọ mi, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó funfun nínú fọ́tò tí mo yà lálẹ́ yìí, ṣé ẹ lè bá mi wò ó?

Ìdáhùn: Mi ò lè fi fọ́tò yẹn sọ nǹkan kan o. Iná gílóòbù máa ń da yẹ́lò sórí gbogbo nǹkan, kámẹ́rà á wá máa yọ yẹ́lò yẹn fúnra ẹ̀, tó bá yọ ọ́ jù ìgbẹ́ tó dáa á dà bíi funfun, tí ò bá sì yọ ọ́ tó, èyí tó funfun bí ẹfun á dà bíi yẹ́lò, ìyẹn gan-an ló léwu jù. Ẹ wo dáyápà funfun tẹ́ ẹ yà mọ́ ọn, ó ti fẹ́ di búlúù, á jẹ́ pé kámẹ́rà yín yọ yẹ́lò jù nìyẹn. Fíláàṣì náà ń dán lórí ibi tó tutù. Ẹ lọ wo ìgbẹ́ míì lójúmọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ gbé pépà funfun tì í, kẹ́ ẹ fi ojú yín wò ó ná (ojú yín ju fóònù lọ níbí). Tó bá ṣì funfun, tàbí tí ẹyinjú ọmọ ṣì yẹ́lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ bí i, ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ mú dáyápà yẹn dání.