Iṣẹ́ ojúmọ́ ni tàbí iṣẹ́ olóṣù mẹ́sàn-án?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Bíríkìlà ni mí n'Ìbàdàn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀ọ̀mù. ₦12,000 ni wọ́n ń san fún mi lójúmọ́. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ dé oríta tí wọ́n ti ń pè wá sí iṣẹ́ jẹ́ ₦1,500. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ gbà mí láti Oṣù Kẹrin di Oṣù Kejìlá, ₦170,000 lóṣù, bọ́ọ̀sì wọn ni yóò máa gbé wa. Owó yẹn kéré lójú mi. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Àbúrò, iye ọjọ́ tí wọ́n pè ọ́ ni kí o kà. Bí o bá jáde lọ sí oríta lọ́jọ́ 26 lóṣù, ₦39,000 ti bá ọkọ̀ lọ, yálà wọ́n pè ọ́ tàbí wọn ò pè ọ́. Kí ohun tó kù sí ọ lọ́wọ́ tó lè tó ₦170,000, o ní láti rí iṣẹ́ ṣe fún ọjọ́ 18.

Lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, bíríkìlà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lè rí ọjọ́ 20, ìyẹn ₦201,000 lẹ́yìn owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù méje nínú mẹ́sàn-án yẹn ló bọ́ sí àsìkò òjò. Omi á kún kòtò ìpìlẹ̀, ògiri ìta ò ní ṣeé rẹ́, onílé á ní kí ẹ dúró ná. Ká ní ọjọ́ 12 lo ń rí lóṣù nígbà náà, ₦105,000 péré ló kù. Fi oṣù méje òjò àti oṣù méjì ẹ̀ẹ̀rùn pọ̀, ₦1,137,000 ni. Ti iléeṣẹ́ jẹ́ ₦1,530,000. Bí o bá ní kọngílá tó ń pè ọ́ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, tí ọjọ́ rẹ kì í dín sí 18, dúró sí ojúmọ́ rẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ìwé àdéhùn. Béèrè bóyá wọ́n ń san owó ọjọ́ tí òjò dá iṣẹ́ dúró. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ tí o kò ṣiṣẹ́, o kò gbowó, iṣẹ́ ojúmọ́ olówó kékeré ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ oṣù, gbogbo ìṣirò òkè yìí ti dojú rú. Fọ́máànù lè fi ẹnu ṣèlérí. Orí ìwé ni kó wà. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fún ọ ní àlàyé iṣẹ́ àti owó rẹ lákọsílẹ̀, ó pẹ́ jù, láàárín oṣù mẹ́ta tí o bẹ̀rẹ̀.

Béèrè bákan náà bóyá wọ́n ń san owó wọn fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ọdún 2010 lórí ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́ kan oníṣẹ́ ojúmọ́ náà, agbanisíṣẹ́ ló sì ń san án. Wọn ò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó rẹ fún un. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn onílé tó ń pè yín ní oríta ló ń san án? Bí o bá já bọ́ lórí àkàbà níbẹ̀, ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ lẹ máa sanwó ọsibítù.

Bí ìdáhùn méjèèjì bá tẹ́ ọ lọ́rùn, gba iṣẹ́ iléeṣẹ́, kí o sì béèrè bóyá wọ́n gbà kí o máa ṣe iṣẹ́ tìrẹ lọ́jọ́ Àìkú.