Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo: ọjọ́ wo ló yẹ kí ẹ lọ?

"Mo fẹ́ mú ìyá mi lọ sí igbó Ọ̀ṣun. Ṣé kí a lọ nígbà ọdún, àbí kí a sá fún èrò àti owó ilé ìtura tó máa ń gbówó lórí?"

Ẹ kọ́kọ́ bi màmá pé kí ni wọ́n fẹ́ rí. Bó bá jẹ́ igbó náà fúnra rẹ̀ ni, àwọn ère ńláńlá tí Àdùnní Olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo mọ, odò àti àwọn ọ̀bọ, ẹ má lọ lọ́jọ́ àṣekágbá rárá. Èrò á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá dára, torí ilẹ̀ á ti gbẹ.

Àmọ́ bó bá jẹ́ Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ Ọ̀ṣun, ni, kò sí ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ àṣekágbá nínú oṣù kẹjọ nìkan ló máa ń ru igbá láti ààfin lọ sí odò, aṣọ á sì bo orí àti igbá náà. Ọkọ̀ kì í lè sún mọ́ ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni ẹ máa fi rìn, nínú ìtì-síhìn-ín-tì-sọ́hùn-ún. Ó máa ṣòro fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn.

Èmi á yan alẹ́ tí wọ́n ń tan iná olójúmẹ́rìndínlógún ní ààfin, tó máa ń ṣáájú àṣekágbá ní bíi ọ̀sẹ̀ kan. Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, á jó yí iná náà ká. Èrò ọjọ́ yẹn kì í tó ti àṣekágbá, yàrá sì rọrùn láti rí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lè mú màmá lọ sí igbó ní òwúrọ̀. Ẹ sáà dúró kí ààfin kéde ọjọ́ kí ẹ tó sanwó yàrá.