Àìlópin yọ àìlópin kì í ṣe òdo

«Ẹ̀gbọ́n, x ń lọ sí àìlópin nínú √(x² + 6x) − x. Mo ní àìlópin yọ àìlópin, ó ku òdo. Ẹ̀yìn ìwé ní 3. Níbo ni mo ti ṣì í?»

Ìyọkúrò yẹn ni, àbúrò. Àìlópin kì í ṣe nọ́ńbà; ohun tó ń pọ̀ sí i láìdúró la fi ń pè bẹ́ẹ̀. Ká ní ọkọ̀ méjì gba ọ̀nà Ìlọrin sí Ọ̀fà, tí ọ̀nà náà ò sì lópin: méjèèjì ń lọ, ṣùgbọ́n àlàfo àárín wọn lè wà síbẹ̀.

Fi 100 sípò x: √10600 tó 102.96, o yọ 100, ó ku 2.96. Fi 1000 síbẹ̀, ó ku 2.996. Ṣé o rí ibi tó ń lọ?

Láti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, kọ ọ́ sórí 1, kó o fi √(x² + 6x) + x sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀; lókè, x² á pa x², á ku 6x:

6x / (√(x² + 6x) + x)

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti tún ń ṣubú. Wọ́n á fi x òkè pa x tó dá dúró nísàlẹ̀, wọ́n á fi ti inú gbòǹgbò sílẹ̀. (Èmi náà ṣe é rí, bírò pupa tísà ò dá a sí.) Gbogbo ẹ̀ ni kó o fi x pín, x² sì ni inú gbòǹgbò:

6 / (√(1 + 6/x) + 1)

6/x á di òdo, ó ku 6/2, ìyẹn 3.

Kìkì bí x bá ń lọ sápá ọ̀tún ni o. Bó bá ń lọ sí −∞, −x fúnra ẹ̀ ti di ohun tí à ń rò pọ̀, iye náà á kàn máa ga sí i ni.